Sí ẹ̀yin dókítà wọ́ọ̀dù: bí ó bá ti pé ọjọ́ méjì, ẹ jẹ́ ká tún áńtíbáyótíìkì náà yẹ̀ wò

Sí gbogbo dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wa, Òṣogbo.

Ẹ̀yin dókítà wa, láti orí àwọn kọnsọ́táńtì títí dé orí háúsì ọ́físà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́sẹ̀ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ òru.

Lóṣù tó kọjá, mo gbé àbá kan wá sí ìpàdé yín. Mo ní kí a fẹnu kò pé gbogbo áńtíbáyótíìkì tí a bá kọ fún ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, bó bá ti pé wákàtí 48 tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí dókítà kan tún un yẹ̀ wò, kí ó sì kọ ìpinnu rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú yín ní, "Famasísì ti fẹ́ máa bá wa ṣe ráúńdì." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ká fi í sílẹ̀ di ìpàdé tó ń bọ̀. Ìpàdé yẹn ti dé, ó ti lọ, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi kọ ọ́ síta, kí àwọn tí oògùn yìí ń wọ̀ lára náà lè bá wa kà á.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà wà nínú ẹjọ́ yìí, torí láti ojú fèrèsé fámásì tí mo ń jókòó sí ni oògùn náà ti ń jáde lójoojúmọ́.

1. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá kan. Mo ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an ni mo sọ ọ́.

Ata ló ń tà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún. Alẹ́ ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ni wọ́n gbé e wọlé. Ara rẹ̀ gbóná dé 39.2, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń dùn ún láti ẹ̀yìn, ó ń bì, bó bá sì ń tọ̀, ó ń ta á bí ọjà tó ń tà. Àyẹ̀wò màléríà fi hàn pé kò sí màléríà lára rẹ̀. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ṣe é dáadáa. Ó gba ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ìyá náà kó tó fún un ní oògùn kankan, ó kọ ọ́ pé àrùn inú kíndìnrín ni òun fura sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sẹfitirayasóònù gíráàmù 2 sínú iṣan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Bí wọ́n bá ní kí n wá ṣe ìdánwò dókítà lọ́la, bí mo ṣe máa dáhùn nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá fi mẹtironidasóòlù mílígíráàmù 500 kún un, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, sínú iṣan. Mo bi í léèrè nígbà tó yá. Ó ní, "Ẹ má bínú, bí a ṣe máa ń kọ ọ́ náà nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Oògùn méjèèjì yìí ti di Táyé àti Kẹ́hìndé ní wọ́ọ̀dù wa. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì kò jìnnà.

Nígbà tó fi máa di alẹ́ Ọjọ́rú, tí wákàtí 48 pé, ara ìyá náà ti balẹ̀ sí 37.3. Kò bì mọ́. Ó ti jẹ àmàlà, ó ń bi nọ́ọ̀sì ìgbà tí òun máa lọ sílé, torí pé tòmátò òun ń rà lọ́jà. Lọ́jọ́ náà kan náà, láàbù ti sọ pé kòkòrò kan ń hù nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó sì jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Íkólì. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìwé jáde: Íkólì ni lóòótọ́, sẹfitirayasóònù ń pa á, sípírò náà ń pa á. Kò sí ohun tó hù nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n gbé ìwé náà wá sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án yẹn, ẹnì kan sì fi í sí ẹ̀yìn fólídà, níbi tí ìwé ìsanwó máa ń wà.

Ibẹ̀ ló wà. Kò sí ẹni tó yí i wò. Oògùn méjèèjì ń lọ, torí pé lórí ṣáàtì, ohun tí a kò bá fàlà sí nídìí, ńṣe la ń tẹ̀síwájú. Lọ́jọ́ Àìkú, apá tí kánúlà, ọ̀pá kékeré tí oògùn ń gbà wọnú iṣan, wà wú, ó pọ́n, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e sí apá kejì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kejì, ọjọ́ kọkànlá, ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, ó lọ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìgbà yẹn la tó dá oògùn dúró, tí a sì tún fi dríìpù dípò omi tó ti ń jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó délé. Mi ò lè búra pé áńtíbáyótíìkì ló fa ìgbẹ́ náà, torí a kò ní àyẹ̀wò tó lè jẹ́rìí sí i níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá sẹfitirayasóònù jẹ́ ìgò kékeré 20, torí ìgò gíráàmù kọ̀ọ̀kan la ní. Ọjọ́ mẹ́wàá mẹtironidasóòlù jẹ́ ìgò 30. Ká ní ẹnì kan dúró ti ṣáàtì náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́ Ọjọ́rú, mẹtironidasóòlù ì bá dúró lórí ìgò kẹfà. Ká ní ẹni náà tún padà wo ìwé láàbù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, sẹfitirayasóònù ì bá dúró lórí ìgò kẹfà bákan náà, ìyá náà ì bá sì bọ́ sórí hóró sípírò mílígíráàmù 500, láàárọ̀ àti lálẹ́, títí di ọjọ́ Àìkú. Ìyẹn á jẹ́ kí ìtọ́jú náà pé ọjọ́ méje, èyí tó tó fún àrùn kíndìnrín tó bá ń gbọ́ oògùn bíi tirẹ̀. Hóró méje péré ni! Dípò rẹ̀, ìgò 38 la fi ṣòfò, 14 lára ọ̀kan, 24 lára èkejì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń sáré wá síwájú fèrèsé mi láràárọ̀, tó ń ka owó lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i lórí ṣáàtì pé ọjọ́ kẹfà ni, ọjọ́ keje ni, mo sì dákẹ́, torí pé kò sí ibi tí a ti kọ ọ́ pé kí n sọ̀rọ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí mẹtironidasóòlù yẹn, torí orí rẹ̀ ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín ti máa ń jiyàn. Kòkòrò tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń pa, pẹ̀lú àwọn bí amíbà. Íkólì ní tirẹ̀ ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó ń gbé níbi tí kò sí, mẹtironidasóòlù kò sì rí i mú. Èyí já sí pé ìgò 30 tí a dà sínú iṣan ìyá náà kò bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ jà rárá. Àwọn tó bá jà ni àwọn tó ń gbé inú ìfun rẹ̀ jẹ́ẹ́, tí wọ́n ń bá a da oúnjẹ, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ ibẹ̀ kí kòkòrò burúkú má baà ráyè. Àgbẹ̀ tó bá fín oògùn sí gbogbo oko rẹ̀ nítorí ìdí eéran kan mọ ohun tó máa kọ́kọ́ hù lórí ilẹ̀ tó ṣófo.

Ohun tó ń hù nínú ìfun ni kòkòrò tí oògùn wa kò ràn mọ́. Kò ní dá ẹni tó ń gbé e dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lè jókòó sínú ìfun rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kó máa tọ ọwọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bọ́ sára aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Nítorí èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi pín àwọn áńtíbáyótíìkì sí ìsọ̀rí mẹ́ta ní 2017: èyí tí a lè máa kọ́kọ́ lò, èyí tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú pamọ́. Àárín èyí tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ni sẹfitirayasóònù wà. Lọ́dọ̀ tiwa, òun ni a ń kọ́kọ́ lò, òun ni a ń lò láàárín, òun la fi ń parí.

3. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ méjì? Àwọn kan nínú yín bi mí bóyá ó kàn dùn létí ni. Rárá o.

Áńtíbáyótíìkì àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ìfura. Ẹ kò mọ kòkòrò náà, ẹ kò mọ oògùn tó ń gbọ́, ẹ kò tilẹ̀ mọ̀ dájú bóyá kòkòrò ni. Ẹ ta ọfà síbi tí ẹ ti gbọ́ pé ewé mì, bó sì ṣe yẹ nìyẹn, torí bí àrùn bá ti wọnú ẹ̀jẹ̀, wákàtí kan tó bá kọjá láìsí oògùn lè gba ẹ̀mí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fa ọwọ́ sẹ́yìn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní wákàtí 48, ìmọ́lẹ̀ ti dé, kò sì yẹ ká ṣì máa ta ọfà sínú òkùnkùn.

Kí ni ìmọ́lẹ̀ yẹn? Èkíní ni láàbù. Kọ́ṣọ̀, ìyẹn ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ tí láàbù gbìn kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù, ni mo ń sọ: ti ìtọ̀ tí a gbìn láàárọ̀ máa ń hù ní ọjọ́ kejì, orúkọ kòkòrò àti oògùn tó ń pa á sì máa ń dé ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ náà máa ń fi hàn láàárín ọjọ́ méjì. Èkejì ni ara aláìsàn fúnra rẹ̀: ìgbóná ara, ìlù ọkàn, ẹnu tó ti ń jẹun. Bí a bá wò ó ní wákàtí 24, ó lè tètè jù, torí àrùn kíndìnrín tí oògùn rẹ̀ bá tọ̀nà pàápàá lè mú kí ara ṣì gbóná fún ọjọ́ méjì. Bí a bá dúró di ọjọ́ karùn-ún ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣì ń ronú nípa oògùn náà mọ́, ó ti di ara bẹ́ẹ̀dì. Èkẹta ni pé láàárín ọjọ́ méjì, nǹkan míì lè ti yọjú tó sọ pé kì í ṣe kòkòrò rárá: àwòrán àyà tó fi hàn pé omi ọkàn ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tàbí màléríà tí a kò rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Òṣogbo ìlú aró ni wá. Ìyá tó bí ìyá mi pa aró títí agbára rẹ̀ fi tán. Mi ò rí i kó bo ìkòkò aró lálẹ́ kan kó wá gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ń ṣí i, ó ń ki ìka bọ̀ ọ́, ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì máa ń sọ pé, "Kò tíì pọ́n," tàbí "Ó ti kọjá." A kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ fún ohun tí à ń dà sínú iṣan ènìyàn.

Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Láti 2011 ni ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ilé ìwòsàn wọn ti ní kí dókítà tún áńtíbáyótíìkì wò ní wákàtí 48, kí ó sì kọ ohun tó pinnu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ti já pá lọ síbẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ bi wọ́n.

4. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà àyẹ̀wò yìí kò ju pé kí dókítà kọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin sórí ṣáàtì, kó sì buwọ́ lù ú.

"Dá a dúró": bí kò bá sí ẹ̀rí kòkòrò, tí a sì ti rí ohun mìíràn tó ṣàlàyé àìsàn náà, tàbí tí oògùn náà kò ní iṣẹ́ níbẹ̀ bíi mẹtironidasóòlù ìyá aláta.

"Gbé e sẹ́nu": bí ara kò bá ti gbóná fún bí ọjọ́ kan, tí ìlù ọkàn àti ìfúnpá ti dúró, tí aláìsàn ń gbé nǹkan mì láìbì. Mẹtironidasóòlù tí a gbé mì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ̀jẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fà sínú iṣan. Sípírò ń wọlé tó nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, bí a kò bá ti gbé e mì pẹ̀lú wàrà, oògùn inú rírun, tàbí hóró ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú. Kánúlà tí a bá yọ kò lè wú mọ́. Àwọn àìsàn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn: àrùn awọ ọpọlọ, àrùn fáàfù ọkàn, àti kòkòrò sitafilokọ́kọ́ọ̀sì tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ni kí àwọn yẹn dúró sí títí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi sọ pé ó tó.

"Pààrọ̀ rẹ̀": èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí, torí àwọn kan rò pé owó ni mo fẹ́ fi pamọ́. Ọkùnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù lọ́dún tó kọjá, àtọ̀gbẹ ló ní, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń da ọyún aláwọ̀ ewé. Ó ń gba sẹfitirayasóònù. Láàbù ti kọ ọ́ pé sudomónáàsì ni, kòkòrò tí sẹfitirayasóònù kì í pa láyé. Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ wọ́ọ̀dù fún ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnì kan tó rí i. Ọjọ́ mẹ́rin tí oògùn ń wọlé, tí ẹsẹ̀ ń jẹrà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ abẹ lẹ mọ ibi tó parí sí. Ká ní a ti ń ṣe àyẹ̀wò ọjọ́ méjì nígbà yẹn ni, oògùn tó lágbára jù là bá fún un, ìyẹn sì wọ́n jù ú lọ.

"Tẹ̀síwájú, títí di ọjọ́ báyìí": ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tó máa parí, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdí. Òtútù àyà tó ti ń rọlẹ̀ lè parí ní ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ bá kọ "tẹ̀síwájú" láìní ọjọ́, a ti padà síbi tí a ti wá nìyẹn.

(Áńtíbáyótíìkì tí a fún ènìyàn kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kó má baà kó àrùn kò sí nínú èyí. Kò yẹ kí ìyẹn tilẹ̀ dé wákàtí 48 rárá. Láàárín wákàtí 24 ló yẹ kó ti parí. Lẹ́tà mìíràn ni èyí.)

5. Mo ti gbọ́ àwọn àtakò yín, mo sì fẹ́ dáhùn wọn tòótọ́tòótọ́, torí òótọ́ wà nínú díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ní láàbù wa kì í yá. Bẹ́ẹ̀ ni. Iná máa ń lọ, ohun èlò máa ń tán, kọ́ṣọ̀ mìíràn sì ń lo ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo ọ̀rọ̀ ìyá aláta. Kò pọn dandan kí láàbù dáhùn kí a tó lè yọ mẹtironidasóòlù. Ara ìyá náà àti orúkọ àìsàn rẹ̀ ti tó. Àyẹ̀wò ọjọ́ méjì kò sọ pé kí ẹ dúró de ìwé. Ó ní kí ẹ fi ohun tí ẹ bá ní lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe ìpinnu.

Ẹ ní kọ́ṣọ̀ tí kò hù nǹkan kò túmọ̀ sí pé kò sí kòkòrò. Òtítọ́ ni, èmi náà á sì fi ọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ti gbé oògùn kan mì láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kí wọ́n tó dé, ìyẹn sì lè pa kòkòrò tó yẹ kó hù. Nítorí náà ni mo fi ní kí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ aláìsàn ohun tó ti lò nílé, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ṣọ̀. Bí ó bá ti lò ó, tí ara rẹ̀ kò sì dá, ẹ má dá oògùn dúró torí bébà tó ní "kò sí ohun tó hù." Àtakò tí mo bọ̀wọ̀ fún jù lọ rèé.

Ẹ ní ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Oògùn tí a bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé wákàtí 48 ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tó jẹ́ pé háúsì ọ́físà kan ṣoṣo ló kù nínú wọ́ọ̀dù méjì. Mo wo ṣáàtì ogún tí oògùn wọn pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Mọ́kànlá nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Nítorí náà, mo gbà pé kí oògùn ọjọ́ Ẹtì ní ààyè títí di ráúńdì òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má ṣe kọjá ibẹ̀.

Àtakò kan wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ ní ìpàdé, àmọ́ gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Háúsì ọ́físà kan sọ ọ́ fún mi ní kọ́rídọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni èmi tí n ó fi dá oògùn tí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ dúró?" Ó dà bíi pé ọmọdé kò gbọdọ̀ bọ́ ìkòkò tí àgbà gbé kaná sọ̀ kalẹ̀, kódà bí ọbẹ̀ bá ń jóná. Ẹ̀yin kọnsọ́táńtì nìkan lẹ lè tú okùn yìí. Ẹ sọ ọ́ gbangba níwájú gbogbo wọn pé ẹni tó bá tún oògùn yín yẹ̀ wò ní wákàtí 48 kò rí yín fín.

Ní ti pé famasísì fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà: mo mọ ìjà tó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò fẹ́ dá sí i níbí. N kò ní dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró. N kò ní fa ọwọ́ oògùn sẹ́yìn ní fèrèsé torí pé ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù ú. Oògùn tó dúró lójijì láìsí ìpinnu dókítà lè pani ju oògùn tó pẹ́ lọ, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ni ẹ̀tọ́ láti béèrè, kí a sì dá mi lóhùn.

6. Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè fún rèé.

Kí dókítà tó bá kọ áńtíbáyótíìkì kọ ìdí rẹ̀, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀, àti wákàtí tí a máa tún un wò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ti ya ìlà mẹ́ta tí a lè tẹ̀ sórí ṣáàtì, àlàfo náà kò ju ìka mẹ́rin lọ. Kí a gba ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ kí oògùn àkọ́kọ́ tó wọlé, àfi bí ara aláìsàn kò bá gbà wá láyè láti dúró.

Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, fámásì yóò kọ orúkọ àwọn bẹ́ẹ̀dì tí oògùn wọn máa pé wákàtí 48 lọ́jọ́ náà, yóò sì fi ìwé náà lé rẹ́jísírà lọ́wọ́ kí ráúńdì tó bẹ̀rẹ̀. Láàbù yóò máa fi ìwé àbájáde kọ́ṣọ̀ lé dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ẹni náà yóò sì buwọ́ lù ú pé òun gbà á. Kò ní sí pé a ń fi í sẹ́yìn fólídà mọ́. Bí ó bá di wákàtí 60 tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohunkóhun, èmi tàbí ẹnìkejì mi yóò pe rẹ́jísírà. Bí kò bá gbé e, a ó pe kọnsọ́táńtì. Oògùn yóò máa lọ ní gbogbo àsìkò yìí.

Kí a dán an wò fún oṣù mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kan tọkùnrin, ọ̀kan tobìnrin. A ó máa ka iye ṣáàtì tí a tún wò lásìkò, àti iye ọjọ́ tí oògùn fi wà nínú iṣan. A ó sì ka ohun kejì, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: iye àwọn tí a dá oògùn wọn dúró tàbí tí a gbé e sẹ́nu, tí àìsàn náà sì tún padà bá láàárín 30 ọjọ́, àti iye àwọn tó kú. Bí iye yẹn bá fi lè ju ti oṣù mẹ́ta tó ṣáájú lọ, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ ní kí a dá àyẹ̀wò náà dúró.

Mo ti fún ọ́fíìsì olórí ìtọ́jú ìṣègùn ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí. Mo ń retí èsì yín kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé. Bí èsì kò bá tilẹ̀ dé, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, n ó wà ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù obìnrin pẹ̀lú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Mẹ́ta nínú wọn wà lórí Táyé àti Kẹ́hìndé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Famasísì wọ́ọ̀dù,
Òṣogbo.